Kílọ́ìdì etí: gígé nìkan kò tó

*“Ẹ̀yin àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 16, lu ihò kejì sí etí ní ọdún tó kọjá. Nǹkan kan wá ń hù lẹ́yìn etí rẹ̀, ó ti tó ẹ̀pà báyìí, ó sì máa ń yún un. Ihò àkọ́kọ́ tí a lu fún un ní ìkókó kò ṣe nǹkan kan. Ṣé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló burú ni? Wọ́n ní ká lọ gé e kúrò.”*

Màmá wa, ẹ má tíì jẹ́ kí wọ́n gé e. Ó jọ kílọ́ìdì, ìyẹn àpá tó ń hù kọjá ojú egbò. Mo ní irú rẹ̀ ní etí òsì. Ilé ìwòsàn kékeré kan gé e fún mi, wọ́n rán ojú rẹ̀, wọ́n ní ó ti tán. Ojú egbò náà jinná dáadáa. Nígbà tó yá, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi lóru, ó le gbagidi, ó sì tóbi kọjá èyí tí wọ́n gé. Dókítà awọ ara ló padà tọ́jú rẹ̀ fún mi.

Ẹ̀jẹ̀ ọmọ yín kò burú. Kì í ṣe iṣẹ́ ayé, kì í ṣe jẹjẹrẹ, kò sì lè ran ẹnikẹ́ni. Bí awọ bá ya tàbí tí a lu ú, ara máa ń rán àwọn sẹ́ẹ̀lì kan lọ síbẹ̀ láti hun okùn tín-ín-tìn-ìn-tín tí wọ́n ń pè ní kọ́lájìn, èyí tó ń dí ojú egbò. Lára ẹlòmíràn, bí egbò bá ti dí, wọ́n á dáwọ́ dúró. Lára àwa tí a bí kílọ́ìdì mọ́, wọ́n dà bí bíríkìlà tí kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ilé ti parí, tó ṣì ń to búlọ́ọ̀kù lọ títí tó fi yọ sójú títì. Ìdí nìyẹn tí àpá náà fi ń wọ inú awọ tí abẹ́rẹ́ kò kàn rárá. Àpá lásán lè wú díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í kọjá ẹnu egbò, ó sì sábà máa ń fúnra rẹ̀ rọlẹ̀ bí àkókò ti ń lọ.

Ó máa ń rìn nínú ìdílé. Ẹ wo àyà, èjìká àti etí àwọn ẹbí yín lápá ti ìyá àti ti bàbá, ẹ lè rí i lára ẹnì kan. Àwa aláwọ̀ dúdú ló máa ń ṣe jù, àárín ọdún 10 sí 30 ló sì máa ń jáde jù. Èyí ló ṣàlàyé ihò àkọ́kọ́ tí kò ṣe nǹkan kan. Etí tí a lu kí ọmọ tó pé ọdún 11 kì í sábà hu kílọ́ìdì bí èyí tí a lu lẹ́yìn náà. Àwọn ìyá wa tó ń lu etí ọmọ ní ìkókó kò ṣe àṣedànù. Bí ihò náà bá sì tún kẹ̀, tàbí tí yẹtí tí kò bá ara mu ń mú un wú lemọ́lemọ́, ńṣe ni ọ̀ràn náà ń le sí i.

Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé kílọ́ìdì ni. Èyí tó wú láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí ẹ lu etí, tó gbóná, tó ń sun ọyún tàbí tó ń ṣẹ̀jẹ̀ bí ẹ bá fọwọ́ kàn án, egbò tó kẹ̀ ni, ìtọ́jú tirẹ̀ yàtọ̀. Kílọ́ìdì kì í yára: ó sábà máa ń jáde lẹ́yìn oṣù mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí egbò ti jinná. Ó máa ń dán, ó máa ń le bí rọ́bà, ó sì máa ń yún ènìyàn. Bí ẹ bá fi àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ mú un, awọ orí rẹ̀ kì í yọ̀ lórí rẹ̀, òun àti awọ jọ ń rìn ni.

Nígbà tó ṣì tó ẹ̀pà yìí, abẹ́rẹ́ ni ohun àkọ́kọ́. Sítẹ́rọ́ìdì tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ tiramusinolóònù ni dókítà máa ń gún sínú kókó náà gan-an, kì í ṣe abẹ́ rẹ̀. Wọ́n máa ń lo mílígíráàmù 10 sí 40 nínú mílílítà kan, wọ́n á sì máa tún un ṣe ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Kí n má tan yín, ó máa ń dun ènìyàn gan-an, torí pé kókó náà le, oògùn kì í fẹ́ wọlé. Ti àkọ́kọ́ burú jù lójú mi. Bí ara rẹ̀ ti ń rọ̀, ó ń dínkù. Yíyún ló kọ́kọ́ lọ, kó tó di pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀. Awọ ibẹ̀ lè fẹ́lẹ́ tàbí kó funfun fún ìgbà díẹ̀. Nǹkan oṣù obìnrin náà lè yí padà, ti èmi yí. Ẹ sọ fún dókítà bí ọmọ bá ní àtọ̀gbẹ tàbí àìsàn mìíràn.

Bó bá tóbi jù fún abẹ́rẹ́, wọ́n lè gé e, ṣùgbọ́n gígé nìkan kò tó. Egbò tuntun ni gígé jẹ́, lára awọ kan náà. Ó kéré tán, bí ìdajì àwọn tí wọ́n gé e fún láìfi nǹkan mìíràn kún un ni ó ń padà wá bá. Lọ́dọ̀ dókítà mi, abẹ́rẹ́ ló kọ́kọ́ mú kókó náà kéré, kó tó gé e. Wọ́n tún gún abẹ́rẹ́ sójú rírán náà nígbà tó ń jinná. Lẹ́yìn tí wọ́n yọ òwú, wọ́n fún mi ní yẹtí tó ń fún etí láti iwájú àti ẹ̀yìn.

Yẹtí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kò lè fara dà, bẹ́ẹ̀ ó ń ṣiṣẹ́ gidi. Ó gbọ́dọ̀ wà létí fún wákàtí 12 lóòjọ́, ó kéré tán, fún oṣù mẹ́fà sí ọdún kan. Ó gbọ́dọ̀ mú, kì í ṣe kó dùn ún. Bí etí bá ń ro ó tàbí tí awọ ń yí àwọ̀ padà, wọ́n fún un jù, ẹ tú u díẹ̀.

Ìtọ́jú yìnyín, tí wọ́n fi ń dì í, wà pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ó lè sọ awọ dúdú di funfun. Ìtọ́jú onítànṣán máa ń tẹ̀lé iṣẹ́ abẹ láàárín ọjọ́ kan sí mẹ́ta fún àgbàlagbà tí kílọ́ìdì rẹ̀ ti padà wá lẹ́ẹ̀kan tàbí méjì. Fún ọmọ ọdún 16, mi ò ní dábàá rẹ̀.

Àwọn kan á ní kí ẹ fi òwú so ó títí tó máa já, tàbí kí ẹ fi ásíìdì inú bátìrì jó o. Ẹ má gbà. Egbò tuntun ni méjèèjì, wọ́n á sì sọ ẹ̀pà yín di ohun tó tóbi bí páálí ìṣáná.

Tí ihò kejì ní etí kejì bá ṣì dára, ẹ máa fọwọ́ tọ́ ọ wò lẹ́yìn ìwẹ̀. Bí ẹ bá rí i pé ó fẹ́ le, ẹ bọ́ yẹtí rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ má dúró dìgbà tó máa tó ẹ̀pà kí ẹ tó gbé e lọ rí dókítà awọ ara. Ẹ sì sọ fún dókítà eyín àti ẹni tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ kankan fún un lọ́jọ́ iwájú pé ọmọ yìí máa ń hu kílọ́ìdì, kí wọ́n tó fi ọ̀bẹ kàn án.