Ìgbẹ́ àkọ́kọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ jẹ̀díjẹ̀dí

"Ọjọ́ Ajé ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ jẹ̀díjẹ̀dí fún mi. Òní Ọjọ́bọ̀, mi ò tíì yàgbẹ́. Ẹ̀rù ń bà mí pé egbò máa ya. Ṣé kí n ṣì máa mú un dání?"

Ẹ má mú un dání rárá. Bí ìgbẹ́ bá ṣe ń pẹ́ nínú ìfun ńlá tó, bẹ́ẹ̀ ni ìfun á máa fa omi inú rẹ̀, á wá gbẹ, á le, á sì tóbi. Irú ìgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ló ń ha egbò. Láàárín ọjọ́ kejì sí ìkẹrin lọ̀pọ̀ èèyàn máa ń yàgbẹ́ àkọ́kọ́, nítorí náà ọ̀rọ̀ tiyín kò tíì bàjẹ́, ṣùgbọ́n òní gan-an ló yẹ kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe nǹkan sí i.

Ẹ kọ́kọ́ wo oògùn ìrora tí wọ́n fún yín. Bó bá jẹ́ tramadọ́ọ̀lù tàbí kodíìnì, òun gan-an lè jẹ́ ohun tó dá ìfun yín dúró. Ẹ bi dókítà bóyá ẹ lè fi parasitamọ́ọ̀lù rọ́pò rẹ̀: gíráàmù 1 ní wákàtí mẹ́fà-mẹ́fà fún àgbàlagbà tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ dá ṣáṣá, kó má kọjá gíráàmù 4 lójúmọ́. Ẹ má kàn pa oògùn ìrora tì o. Bí ìrora bá pọ̀, iṣan ihò ìdí á fún pinpin, ìgbẹ́ ò sì ní rí ọ̀nà gbà.

Èyí tó ń rọ ìgbẹ́ ńkọ́? Bí wọ́n bá fún yín ní lakitulóòsì, mílílítà 15 lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ ni wọ́n sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀. Omi ló ń fà dúró sínú ìfun, nítorí náà ẹni tó ń lò ó tí kò mumi dáadáa ò ní rí èrè rẹ̀. Ó tó ọjọ́ kan sí méjì kó tó ṣiṣẹ́, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kéèyàn ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ. Inú yín lè máa kùn, ẹ sì lè máa só, kò burú. Ìgbẹ́ tó rọ̀ bí ọṣẹ ìfọyín là ń wá. Bó bá di omi, ẹ dín oògùn kù, torí ìgbẹ́ olómi náà ń ta egbò bí iná.

Ẹ fura sí ohun kan: bí omi ìgbẹ́ bá ń jò díẹ̀díẹ̀, tí ìdí sì wúwo bíi pé nǹkan há síbẹ̀, ó lè má jẹ́ ìgbẹ́ gbuuru. Ìgbẹ́ líle lè ti dí ọ̀nà, kí omi máa yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ẹni tó bá torí èyí dá oògùn dúró á mú un le sí i. Ẹ pe dókítà; ẹ má fi ìka tàbí ohun fífọ inú sí i fúnra yín.

Tó bá dàárọ̀ ọ̀la, ẹ lo oògùn ìrora yín, ẹ jẹun, nítorí oúnjẹ ló ń jí ìfun. Lẹ́yìn náà ẹ jókòó sínú omi lọ́wọ́ọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí iṣan lè dẹ̀. Bí ìgbẹ́ bá ti ń gbọ̀n yín, ẹ lọ sílé ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹ gbé ẹsẹ̀ lé àpótí kékeré kí orúnkún ga ju ìbàdí lọ, ẹ tẹ̀ síwájú, ẹ la ẹnu, kí ẹ máa mí jáde díẹ̀díẹ̀. Ẹ má fipá tì í. Bí ìṣẹ́jú márùn-ún bá kọjá tí kò wá, ẹ dìde, ẹ tún padà lọ nígbà míì. Ó máa dùn yín, mi ò ní purọ́ fún yín, ẹ sì lè rí ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀kán díẹ̀ ti tó láti pọ́n gbogbo omi inú àwo, ẹ má jẹ́ kíyẹn já yín láyà.

Ẹ má fi pépà nù ún. Omi lọ́wọ́ọ́wọ́ nìkan ni kẹ́ ẹ fi fọ̀ ọ́, láìsí ọṣẹ tàbí oògùn apakòkòrò, kẹ́ ẹ tún jókòó sínú omi fún ìṣẹ́jú 10 sí 15. Ẹ fi aṣọ rírọ̀ tẹ̀ ẹ́ gbẹ, ẹ ká gọ́ọ̀sì lé ẹnu egbò láìkì í bọnú, kẹ́ ẹ pààrọ̀ rẹ̀ bó bá ti tutù. Bí gọ́ọ̀sì bá lẹ̀ mọ́ egbò, inú omi ni kẹ́ ẹ ti yọ ọ́. Bí ẹ bá fà á ní gbígbẹ, ẹran tuntun lẹ̀ ń ṣí. Omi pupa rẹ́súrẹ́sú tàbí omi yẹ́lò tó ń jáde kì í ṣe nǹkan ìjayà, ó lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Ilé ìwòsàn lẹ gbọ́dọ̀ gbà lọ lójú ẹsẹ̀ bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dì jáde, bó bá rin páàdì kan gbingbin láàárín wákàtí kan, bí òòyì bá ń kọ́ yín, bí ibà bá dé 38, tàbí bí ìtọ̀ bá kọ̀ tí kò jáde. Ẹ má ṣe túra sílẹ̀ torí pé ọ̀sẹ̀ kan ti kọjá, nítorí láàárín ọjọ́ keje sí ìkẹrìnlá ni ẹ̀jẹ̀ míì tún lè ṣàdédé ya.