Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde: ta ló ń díye lé ẹ̀ṣọ́ náà?

Ìbéèrè: "Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin àgbà. Olùkọ́ wa sọ pé òwe 'Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde' bá ohun tí ọ̀mọ̀wé Faransé kan pè ní hábítọ́ọ̀sì àti fíìdì mu. Mo gbọ́ òwe, mi ò gbọ́ ìyókù. Ṣé ó lè ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin? Ní Ìtòkú, níbi tó ti ń ta àdìrẹ l'Abẹ́òkúta, kò sẹ́ni tó lè ná ọjà lójú ẹ̀. Àmọ́ wọ́n bi í ní ìntáfíù pé èló ló fẹ́ máa gbà lóṣù, ó ní 'ohun tí ẹ bá fún mi náà ni, sà.' Iṣẹ́ bọ́."

Àbúrò, olùkọ́ rẹ rí nǹkan, àmọ́ ìtumọ̀ tí a sábà ń fún òwe yẹn kò lè gbé ọ̀rọ̀ náà tán. Bí àwọn òbí wa bá pa á, ìwà rere ni wọ́n ń bá lọ: ọmọ tí a kọ́ nílé kò ní dójú tini níta. Pierre Bourdieu, ọ̀mọ̀wé Faransé tí olùkọ́ rẹ ń sọ, kò bá ti rere tàbí búburú lọ. Ohun tó ń wá ni bí èèyàn ṣe máa ń ṣe ohun tó bá ibi tó ti wá mu, láìjókòó rò ó, láìsí ẹni tó pàṣẹ fún un.

Mi ò ní túmọ̀ hábítọ́ọ̀sì sí ìwà, torí ìwà lohun tí à ń yìn tàbí tí à ń bú. Mi ò ní pè é ní àṣà náà, torí gbogbo ìlú ló ni àṣà, a sì lè jókòó ká máa kà á fún àlejò. Gbólóhùn tó sún mọ́ ọn jù lẹ́nu wa ni "ó ti mọ́ ọn lára." Kíyè sí i pé ara ni a dárúkọ níbẹ̀, a ò ní ó ti mọ́ ọn lórí.

Bí o bá fẹ́ fojú rí i, lọ dúró ti aláró kan tó ń fi ẹlú rẹ aṣọ. Bí aṣọ bá ṣe ń jáde látinú ìkòkò, àwọ̀ rẹ̀ máa ń dà bí ti ewé. Ìgbà tí atẹ́gùn bá fẹ́ sí i ló ń di búlúù. Ìyá náà á gbé e sókè, á wò ó, á tún rì í padà. Bi í pé kí ló rí. Á ní kò tíì mu dáadáa. Báwo lẹ ṣe mọ̀, mà? Á wò ẹ́ bí ẹni tó béèrè bí wọ́n ṣe ń mí. Kò sẹ́ni tó pè é jókòó kọ́ ọ. Ìyá rẹ̀ ń rẹ aṣọ, òun náà ń bá a gbé igbá, bí ó bá yára fa aṣọ jáde, wọ́n á gbá a lọ́wọ́. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ojú àti ọwọ́ rẹ̀ ti mọ ohun tí ẹnu rẹ̀ kò lè ròyìn. Ohun tí Bourdieu ń pè ní hábítọ́ọ̀sì nìyẹn: ìmúrasílẹ̀ tí ìgbà èwe fi sínú ara, tó ń bá wa pinnu kí a tó mọ̀ pé a ti pinnu. Bí a ṣe ń rìn wà níbẹ̀, àti bí a ṣe ń wo àgbà, ohun tí à ń pè ní dídùn, títí dé ohun tí à ń sọ pé "kò sí fún irú wa."

Fíìdì, àwọn kan ń túmọ̀ rẹ̀ sí pápá. Kò burú bó bá jẹ́ pápá bọ́ọ̀lù lo ní lọ́kàn. Ní tèmi, agbo ló wù mí: agbo ijó, agbo òṣèlú, agbo òṣèré. Agbo kọ̀ọ̀kan ní ohun tí wọ́n ń du níbẹ̀, ó ní ohun tó níyì níbẹ̀, ó sì ní àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn tó láti sọ pé lágbájá mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ̀ṣọ́ kan náà lè tàn yòò nínú agbo kan, kó sì dà bí àkísà nínú òmíràn. Ibi tí òwe wa dákẹ́ sí nìyí: ó sọ ibi tí ẹ̀ṣọ́ ti wá, kò sọ ẹni tó ń díye lé e.

Jẹ́ ká wá wo ẹ̀gbọ́n rẹ. Èmi náà dàgbà lẹ́yìn ìsọ̀ àdìrẹ, mo mọ ohun tí ó kọ́ láìkọ́. Ká ní oníbàárà béèrè iye ìró kan, ìyá wa á ní ₦15,000. Oníbàárà ní ₦7,000, ó sì yí padà bí ẹni ń lọ. Ìyá wa kì í pè é ní ìṣísẹ̀ kìíní, torí ìyẹn á fi hàn pé ebi ń pa ọjà. Ní ìṣísẹ̀ kejì, ó ń ká aṣọ bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ti tán. Ní ìkẹta tàbí ìkẹrin, kí èrò tó gbé onítọ̀hún mì, ohùn á jáde, á tutù, á dà bí ti ẹni tó ń ṣàánú: "Ẹ máa bọ̀ jàre, ẹ fi kún un." Ọmọ ọdún méje ni mí tí mo ti mọ ìgbà tí ohùn yẹn yóò jáde. Àmọ́ ká ní o bi mí nígbà náà pé ìṣísẹ̀ mélòó ni wọ́n ń dúró dè, ǹ bá ti sọ pé mi ò mọ̀.

Ilé kan náà ló kọ́ wa ní nǹkan mìíràn. Bí àbúrò bàbá bá ti òkè òkun dé, tó bi ọ́ pé, "Èló ni kí n fún ẹ?", ọmọ tó bá dárúkọ iye, ojú ìyá rẹ̀ á ti gún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ kó tó sọ̀rọ̀ tán. Ìdáhùn kan ṣoṣo ló wà: "Ohun tí ẹ bá fún mi náà ni, sà. Ẹ ṣeun, sà." O rí i pé ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n rẹ sọ gan-an nìyẹn.

Nítorí náà, kì í ṣe pé ìgboyà rẹ̀ já a kulẹ̀ ní ìntáfíù. Ẹ̀kọ́ méjì ló wà lára rẹ̀, ti iwájú oníbàárà àti ti iwájú àgbà tó fẹ́ ṣoore. Ó wọlé, ó bá àwọn ẹni bíi bàbá rẹ̀ lẹ́yìn tábìlì, wọ́n jókòó, òun náà ń dúró kí wọ́n ní kó jókòó. Ara rẹ̀ ti ka ibẹ̀ tán kí wọ́n tó béèrè nǹkan kan: iwájú àgbà nìyí. Ẹ̀kọ́ kejì ló jí. Èmi fúnra mi, ní ìntáfíù àkọ́kọ́ mi l'Ékòó, orúnkún mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀ kí n tó rí i pé ọwọ́ ni ọ̀gá náà nà sí mi.

Agbo ìntáfíù, ẹ̀wẹ̀, ìpàtẹ ọjà ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó dà bí ààfin. Wọ́n fẹ́ kí o yin ara rẹ, kí o wo àgbà lójú, kí o díye lé iṣẹ́ rẹ. Ẹni tí kò bá díye lé e, wọ́n á ní kò mọ iye ara rẹ̀. Wá fi ọmọ òṣìṣẹ́ ìjọba kan láti Ìbarà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tí bàbá rẹ̀ máa ń bi í nídìí oúnjẹ alẹ́ pé, "Kí ni èrò tìẹ?", tó sì ń jẹ́ kó jiyàn. Ọmọ yẹn kò ṣe làálàá kankan. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ nílé ló ṣe ń sọ ọ́ níbẹ̀. Àwọn ọ̀gá á kọ sílẹ̀ pé ó já fáfá. Wọ́n rò pé ọpọlọ ni àwọn ń wọ̀n, ilé ni wọ́n ń wọ̀n. Ibi tí Bourdieu ti ń múni bínú lóòótọ́ nìyí. Ẹ̀ṣọ́ ilé máa ń ṣiṣẹ́ bí owó lọ́wọ́ ẹni tó bá a mu, ó tún burú ju owó lọ torí ẹnikẹ́ni kì í rí i pé wọ́n ná nǹkan kan. Ẹni tó ní i, wọ́n á pè é ní ẹni tó mọ̀wé. Ẹni tí kò ní i, òun fúnra rẹ̀ á gbà pé òun ò mọ̀wé.

Kì í ṣe inú ìwé nìkan ni ọkùnrin náà ti rí i. Ọdún 1930 ni wọ́n bí i sí abúlé Denguin, ní Béarn, gúúsù ìwọ̀-oòrùn Faransé, ilé ìfìwéránṣẹ́ sì ni bàbá rẹ̀ ṣiṣẹ́. Ní 1962, ó tẹ ìwádìí kan jáde nípa àwọn àpọ́n agbègbè tirẹ̀. Ó ròyìn ijó Kérésìmesì kan: àwọn ọmọge ń bá àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó mọ ìṣe ìgboro jó, àwọn àgbẹ̀ tí kò tíì gbéyàwó sì dúró léti agbo, wọ́n ń wòran, wọn kò wọnú ijó. Àkọ́bí tó jogún ilẹ̀ wà lára wọn. Láyé àtijọ́, irú wọn ni ìyá gbogbo ń wá fún ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ilẹ̀ wọn kò dín, ìrìn ẹsẹ̀ wọn kò yí padà, àmọ́ ojú àwọn obìnrin ti wà ní ìgboro, ìrìn ẹni tó ń fi bàtà igi tẹ ẹrẹ̀ kò sì bá ijó ìgbà náà mu. Agbo ti yí, ara kò tíì yí. Àwọn ọkùnrin náà mọ̀ ọ́n lára, ìyẹn ni wọ́n ṣe dúró síbi tí wọ́n dúró sí.

Má wá gba èyí bí àyànmọ́ o. Hábítọ́ọ̀sì ń yí bí a bá pẹ́ nínú agbo tuntun, kìkì pé kì í yára, àpá ti àkọ́kọ́ sì máa ń hàn nígbà tí a kò bá ráyè ronú. Àléébù tí mo máa ń rí lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yàtọ̀ sí ìyẹn. Wọ́n á rí ohun tí èèyàn ṣe, wọ́n á ní hábítọ́ọ̀sì rẹ̀ ló fà á; bi wọ́n pé báwo ni wọ́n ṣe mọ hábítọ́ọ̀sì náà, wọ́n á tún na ìka sí ohun tó ṣe. Wọ́n kàn ń yí po lójú kan ni. Ó yẹ kí àlàyé náà sọ ohun kan tí a kò tíì rí, níbòmíràn, tí a lè lọ wò.

Nítorí náà, lọ jókòó sí ìsọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ lọ́jọ́ kan tí àgbà inú ẹbí bá wá ra àdìrẹ. Bí ohun tí mo sọ bá tọ́, wàá rí i pé nínú Ìtòkú náà, ọjà tó mọ̀ bí ẹni mowó, ohùn rẹ̀ á wálẹ̀, kò ní jẹ́ kí àgbà náà rin ìṣísẹ̀ mẹ́ta, á sì ní, "Ohun tó bá wà lọ́wọ́ yín, mà." Ṣùgbọ́n bó bá ná àgbà náà bó ṣe ń ná àjèjì, a jẹ́ pé mo ṣì í. Ó lè jẹ́ pé ohun tó fa ti ìntáfíù kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ: ó mọ iye tí wọ́n ra aṣọ funfun àti aró ní Ìtòkú, kò sì sẹ́ni tó sọ iye tí wọ́n ń san ní ọ́fíìsì yẹn fún un rí.