Bàbá ẹni tí ọmọ mi bá ṣiṣẹ́ ṣaláìsí: báwo ni yóò ṣe kọ ọ̀rọ̀ ìbánikẹ́dùn lédè méjèèjì?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin òbí ẹgbẹ́ mi. Òkè òkun níbí ni mo bí ọmọ mi ọkùnrin sí, ẹni ọdún 24 ni. Ẹnì kan wà tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ọmọ Kàbà ni, ó tó ọdún 10 tó fi jù ú lọ. Bàbá ẹni yẹn ṣaláìsí nílé lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ti pé ọdún 84. Ọmọ mi fẹ́ fi Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá kí i. Ohun tó kọ lédè wa rèé: "Má bínú fún ìpàdánù rẹ. Bàbá rẹ kú, kí ó sinmi ní àlàáfíà." Mo mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ mi ò mọ ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe. Ọmọ Yàgbà làwa, a ò gbọ́ Owé tí wọ́n ń sọ ní Kàbà dáadáa.

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o. Gẹ̀ẹ́sì ló kọ, ó kàn wọ̀ ọ́ láṣọ Yorùbá ni. "Má bínú" là ń sọ fún ẹni tí a ṣẹ̀, ọmọ yín kọ́ ló ṣẹ ọkùnrin náà. Àgbàlagbà ẹni ọdún 84 kì í "kú" lẹ́nu ọmọdé: wọ́n papòdà, wọ́n ṣaláìsí, wọ́n relé. Bàbá náà, "wọn" là ń pè wọ́n, a kì í pè wọ́n ní "ó". Ẹni tí a ń kí pẹ̀lú, "ẹ" àti "yín" ni, torí ọdún 10 kì í ṣe kékeré.

Ẹ sọ fún un pé kó má túmọ̀ ọ̀kan sí èkejì rárá. Kó jókòó kọ Gẹ̀ẹ́sì tirẹ̀ lọ́tọ̀, kó kọ Yorùbá lọ́tọ̀, nítorí èdè méjèèjì ò gba ọ̀nà kan náà tu èèyàn nínú. Bí èèyàn bá sọ fún ọmọ olóòkú ní Gẹ̀ẹ́sì pé bàbá rẹ̀ kúkú ti dàgbà, ó máa ń dún bí ẹni ń sọ pé kí ló ń sunkún sí. Lédè wa, ọjọ́ orí yẹn gan-an ni ìtùnú. Ẹni ọmọ sin ló bímọ, bàbá yìí sì rí ọmọ tí yóò sin wọ́n. Bí ọmọ yín bá yọ 84 kúrò nínú Yorùbá, ó ti yọ ohun tó dùn jù nínú rẹ̀ kúrò nìyẹn.

Kó tó fi ohunkóhun ránṣẹ́, kó rí i dájú pé ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ níbi iṣẹ́. Ẹ mọ̀ bí ti ilé wa ṣe rí: àwọn àgbà lè fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún ọmọ tó wà lókèèrè fún ọjọ́ mélòó kan, kí wọ́n lè wá ẹni tí yóò rọra sọ ọ́ fún un. Kò dáa kó jẹ́ orí fóònù ni yóò ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Yorùbá rẹ̀ lè lọ báyìí:

"Okun o, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ kú ará fẹ́ra kù Bàbá tó papòdà. Ẹni ọdún 84 tó fi ọmọ sáyé lọ, ẹ̀yìn wọn á dára. Ọlọ́run á tù yín nínú, ẹ̀yin àti gbogbo ẹbí nílé ní Kàbà. Yóò dá àwọn ọmọ sí, ọjọ́ á sì jìnnà síra. Èmi ni, àbúrò yín níbi iṣẹ́."

Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. "Okun" tó fi ṣáájú ni yóò jẹ́ kí ọkùnrin náà mọ̀ pé ọmọ ilé ló ń kí òun. Yàgbà ń kí i, Owé ń kí i, Ìjùmú, Búnú àti Ọ̀wọ́rọ̀ ń kí i, nítorí náà kò sí ẹni tí yóò sọ pé ọmọ yín ń sín òun jẹ. Ṣùgbọ́n Okun nìkan ò tó, torí ẹni tó ń ti oko bọ̀ náà là ń kí ní Okun. "Ará fẹ́ra kù" tó tẹ̀ lé e ló fi hàn pé ọ̀rọ̀ ikú ni. Kó má gbìyànjú láti fi Owé kọ ìyókù. Yorùbá tí gbogbo wa ń kọ ti tó, ẹ̀ka-èdè tí a ò gbọ́ délé máa ń di ẹ̀rín, ibi ọ̀fọ̀ kì í sì í ṣe ibi ẹ̀rín.

Ẹ kíyè sí i pé mi ò dárúkọ Màmá. Bí ó bá mọ̀ pé wọ́n wà láyé, kó fi kún un: "ẹ̀yin àti Màmá." Bí kò bá mọ̀, kó fi í sílẹ̀, torí bí Màmá bá ti lọ ṣáájú, ó ti tún ọgbẹ́ mìíràn ṣí nìyẹn. Kó má sì kọ "Ọlọ́run ò ní fi irú ẹ̀ ṣe yín mọ́." Òkú tó lọ láìtọ́jọ́ là ń ṣàdúrà yẹn sí. Ta ni kò fẹ́ kí irú èyí ṣe òun, kí òun pé 84 kí ọmọ òun sin òun? Ká ní ẹni ọdún 50 ni bàbá náà, gbogbo rẹ̀ ìbá yí padà: "Ẹ kú ọ̀fọ̀" ni ìbá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú, àdúrà yẹn ìbá bá a mu, kò sì ní dárúkọ ọjọ́ orí.

Àmì ohùn náà ṣe pàtàkì níbí. Ọ̀fọ̀ ni ti olóòkú. Bí ó bá gbàgbé àmì orí ọ àkọ́kọ́, ọfọ̀ ló kọ yẹn, ohun tí babaláwo ń pè. Kó fi Yorùbá kún àwọn èdè inú Gboard lórí fóònù rẹ̀, yóò rí ẹ, ọ àti ṣ tẹ̀. Tí àmì kò bá ṣe é ṣe, ó sàn kó kọ gbogbo rẹ̀ láìlámì ju kó fi àmì tí kò dá a lójú sí i lọ.

Gẹ̀ẹ́sì náà rèé. Kó fi orúkọ sí ibi tí mo fi ìlà sí:

```
Dear ____,
I was very sad to hear that your father has passed on.
Please accept my condolences, and share them with your
family in Kabba. I will cover the Thursday report until
you are back. There is no need to reply.
With respect, ____
```

Iṣẹ́ ọjọ́bọ̀ yẹn, kó fi iṣẹ́ tó lè ṣe lóòótọ́ rọ́pò rẹ̀, tí kò bá sì sí, kó yọ ọ́. Èyí tó máa ń bàjẹ́ ni pé èèyàn á kọ pé kí ẹni náà pe òun bí ó bá fẹ́ ohunkóhun. Olóòkú kì í pe ẹnikẹ́ni. Àwọn lẹ́tà mẹ́ta tí wọ́n ń kọ sórí òkú lórí ayélujára, RIP, kó má kọ ọ́ rárá. Ó dà bíi pé ó ń kánjú. Bí ìdílé náà bá jẹ́ Mùsùlùmí, kó sọ pé kí Ọlọ́run fi Àljánnà kẹ́ wọn, kó fi í sí ibi tí mo kọ "ẹ̀yìn wọn á dára" sí.

Kó fi Gẹ̀ẹ́sì sínú káàdì tí gbogbo ilé iṣẹ́ ń fọwọ́ sí, kó fi Yorùbá ránṣẹ́ sí i lórí wásáàpù, òun nìkan. Bí ọkùnrin náà bá lọ sílé lọ sin bàbá, "Ẹ kú ìnáwó" ni yóò fi kí i tó bá kù díẹ̀ kí wọ́n sìnkú. Nígbà tó bá padà síbi iṣẹ́, kó dìde nílẹ̀ kó tó kí i, kó má ṣe é lórí àga: "Ẹ kú àṣẹ̀yìndè, ẹ̀gbọ́n mi."