Kí ni ìtumọ̀ áàkì-sáìnì, kí ló sì sọ 150 di 30?

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Àkúrẹ́ ni mo ń gbé, mo sì wà nílé ìwé girama. Tíṣà wa ní ohun tí sáìnì bá dì, áàkì-sáìnì ló ń tú u. Mo tẹ sáìnì 150, mo rí 0.5. Mo tú u padà, 30 ló jáde. Ṣé ẹ̀rọ ìṣirò mi ti bàjẹ́ ni? Kí ni 'áàkì' yẹn gan-an túmọ̀ sí?"

Ẹ̀rọ rẹ kò bàjẹ́, ọmọ mi. Inú ọ̀rọ̀ tí o ní kí n túmọ̀ gan-an ni ìdáhùn wà.

Ọ̀rọ̀ Látìnì ni "áàkì" ti wá. Ọrun ló túmọ̀ sí, ọrun tí ọdẹ fi ń ta ọfà. Ti sáìnì tún dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Íńdíà ló fún un ní orúkọ tó túmọ̀ sí ọsán, okùn tí a ta sí ọrun láti etí kan dé èkejì. Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ àwọn Lárúbáwá, wọ́n kọ ọ́ láìfi fáwẹ́lì sí i. Nígbà tí àwọn tó ń tú ìwé wọn sí Látìnì kà á, wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ mìíràn tó túmọ̀ sí àyà ni, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nìyẹn. Ọsán ló sọnù lójú ọ̀nà. Bí ó bá jẹ́ pé ó ṣẹ́ kù ni, kò sí ọmọ Yorùbá tí kò ní mọ̀ ọ́n, àwa tí à ń wí pé ọsán já, ọrun dọ̀pá.

Sáìnì, nígbà náà: wọ́n fún ọ ní ọrun, o ń wá ọsán. Áàkì-sáìnì: wọ́n fún ọ ní ọsán, o ń wá ọrun. Ibi tí wàhálà rẹ ti bẹ̀rẹ̀ ni pé ọsán kan ṣoṣo lè jẹ́ ti ọrun méjì.

Mú kọ́ńpáàsì, ṣí i dé sẹ̀ǹtímítà 10, kí o fà á yí po lórí bébà. Gé òwú tí gígùn rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10, kí o na etí rẹ̀ méjèèjì kan ara òbìrìkìtì náà. Òwú yìí ni ọsán rẹ. Wò ó dáadáa: ó pín òbìrìkìtì sí méjì. Apá kékeré kan wà lẹ́yìn rẹ̀, ìwọ̀n ìgun rẹ̀ láti àárín jẹ́ dígírì 60. Apá ńlá ni ìyókù, 300 ni tirẹ̀. Ọrun ni méjèèjì, òwú kan náà ló sì so wọ́n. Ìlàjì ọsán ni sáìnì ń lò, ìlàjì ọrun náà ló ń bá a rìn. Ìlàjì òwú rẹ jẹ́ 5. Pín in sí 10 tí o ṣí kọ́ńpáàsì dé, o rí 0.5. Ìlàjì ọrun kékeré jẹ́ 30. Ìlàjì ọrun ńlá jẹ́ 150. Ìdí nìyí tí sáìnì 30 àti sáìnì 150 fi jẹ́ ọ̀kan náà, tí ìgun méjèèjì sì máa ń para pọ̀ jẹ́ 180 nígbà gbogbo.

Nígbà tí o wá gbé 0.5 fún ẹ̀rọ, òwú nìkan ni o gbé fún un. Kò mọ ọrun tí o ti tú u. Kò tilẹ̀ mọ iye ìgbà tí o ti yí po, nítorí 390 pẹ̀lú ń fúnni ní 0.5, bẹ́ẹ̀ náà ni 750. Ó dà bí ìgbà tí ẹnì kan bá ní ọjọ́ ọjà ni wọ́n bí òun. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọjà wo nínú gbogbo èyí tí wọ́n ti ná?

Èsì kan ṣoṣo ni ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ mú wá, nítorí náà àwọn onímọ̀ fi ààlà sí i: láti −90 títí dé 90. Kí ló dé tí kì í ṣe 0 dé 180? Láàárín ibẹ̀, ìgun méjì méjì ló ń ní sáìnì kan náà, àyàfi 90 nìkan, sáìnì tó wà lábẹ́ òdo kò sì sí níbẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n láti −90 dé 90, sáìnì ń gùn láti −1 dé 1 láìpadà sẹ́yìn, ó sì ń kan iye kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan péré. 90 dé 270 náà ì bá ṣiṣẹ́, àmọ́ àwọn ìgun kéékèèké tí à ń lò lójoojúmọ́ kò sí nínú rẹ̀. Èèyàn ló yan ààlà yìí, mo sì gbà pé wọ́n yàn án dáadáa.

Ìgun tó bá ti wà nínú ààlà ni yóò padà bọ̀ bí ó ṣe lọ. Èyí tó bá wà níta, ojúgbà rẹ̀ tó wà nínú ilé ni wọn yóò fi rọ́pò rẹ̀. Fún 400, yọ 360 kúrò, 40 ni wàá rí. Fún 200, yọ ọ́ nínú 180, −20 ló máa jáde. Tẹ̀ wọ́n wò. Bí o bá kọ́kọ́ tú u kí o tó dì í, kò sí ìṣòro: sáìnì áàkì-sáìnì 0.3 jẹ́ 0.3 láìkùnà. Ṣùgbọ́n bí o bá fi 1.2 fún áàkì-sáìnì, `Math ERROR` ni yóò kọ sójú rẹ̀, torí kò sí ìlàjì ọsán tó gùn ju ibi tí o ṣí kọ́ńpáàsì dé lọ. Má sì jẹ́ kí `sin⁻¹` tó wà lára bọ́tìnì tàn ọ́ pé ó túmọ̀ sí 1 tí a fi sáìnì pín.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti lè fa ẹjọ́ ni orí ilẹ̀. Mo rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń kọ́ iṣẹ́ ilẹ̀ wíwọ̀n lápá ọ̀nà Ọ̀dá, níbi ilẹ̀ onígun mẹ́ta kan. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ mítà 30, 50 àti 70. Ó ti wọn ìgun tó kọjú sí 30, ó rí 21.8. Ó fẹ́ mọ èyí tó kọjú sí 70. Ó fi 70 sọ sáìnì 21.8 di púpọ̀, ó fi 30 pín in, ó rí nǹkan bí 0.866. Ó tú u, ẹ̀rọ fún un ní nǹkan bí 60, ó sì kọ 60 sínú ìwé.

Mo ní kó ṣírò ìgun kẹta. Ó yọ méjèèjì nínú 180, ó kù 98.2. Ìgun yẹn ló kọjú sí ẹ̀gbẹ́ 50, nígbà tí 60 kọjú sí ẹ̀gbẹ́ 70. Ó dákẹ́, ó wo ìwé náà. Nínú onígun mẹ́ta, ẹ̀gbẹ́ tó gùn jù ni ìgun tó tóbi jù máa ń kọjú sí, nítorí náà ohun tó kọ kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ó yọ 60 nínú 180, ó rí 120. Ìgun kẹta wá di 38.2, ohun gbogbo sì bọ́ sí ipò.

Ká ní kosáìnì ló lò ni, kò ní ṣìnà. Àpapọ̀ 30 nígbà 30 àti 50 nígbà 50 jẹ́ 3400. Yọ 70 nígbà 70 kúrò níbẹ̀, ìyẹn 4900, ó di −1500. Fi 3000 pín in, tí í ṣe ìlọ́po méjì 30 nígbà 50, o rí −0.5. Áàkì-kosáìnì −0.5 jẹ́ 120 tààrà. Ààlà ti kosáìnì ni 0 dé 180, gbogbo ìgun tí onígun mẹ́ta lè ní ló sì wà láàárín méjèèjì. Nítorí náà, bí o bá mọ ẹ̀gbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kosáìnì ni kí o bá lọ. Bí ó bá sì jẹ́ sáìnì nìkan ló wà lọ́wọ́ rẹ, kọ èsì tí ẹ̀rọ fún ọ, kọ ohun tó kù tí o bá yọ ọ́ nínú 180 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí o sì fi gígùn àwọn ẹ̀gbẹ́ yẹ méjèèjì wò kí o tó fa ìlà sábẹ́ ọ̀kan.