Lẹ́tà ìwúyè: ẹ má pè é ní ayẹyẹ

"Ẹbí ti mú mi ní Mọ́gàjí ilé wa n'Íbàdàn, Àbújá ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀gá mi kì í ṣe Yorùbá, wọ́n ní kí n lọ ṣe é ní Sátidé. Kí ni kí n kọ sínú lẹ́tà?"

Ẹ kú oríire o. Ọ̀rọ̀ yín ká mi lára. Nígbà tí bàbá mi fẹ́ jẹ Mọ́gàjí, "ayẹyẹ ẹbí" ni mo kọ sínú lẹ́tà tèmi. Ọ̀gá ìgbà náà kà á sí ìnáwó lásán, wọn ò sì jẹ́ kí n lọ. Èmi àkọ́bí ni kò sí lẹ́yìn bàbá mi láàfin lọ́jọ́ náà. Ó ṣì ń dùn mí di òní.

Nígbà tó wá kàn mí, mo ya ìwúyè sọ́tọ̀ kúrò lára ìnáwó. Mo kọ ọ́ pé ààfin Olúbàdàn ló ń mú ọjọ́, kì í ṣe èmi, kì í ṣe ẹbí, àti pé ọjọ́ iṣẹ́ ló bọ́ sí. Mo ní orí ẹni tó ń joyè gan-an ni wọ́n ń fi ewé akòko sí, kò sẹ́ni tó lè bá a gbà á. Ìnáwó Sátidé, n ò tilẹ̀ mẹ́nu kàn án.

Ará Kano ni ọ̀gá mi lákòókò yẹn, ni mo bá fi kún un pé: "Bí láwàní ti jẹ́ fún ẹni tí Ẹ́míà fi joyè, bẹ́ẹ̀ ni ewé akòko jẹ́ fún wa." Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti yé wọn. Tó bá jẹ́ òyìnbó ni ọ̀gá yín, láwàní ò ní ràn yín lọ́wọ́. Iṣẹ́ tó wà nídìí oyè ni kí ẹ sọ: pé Mọ́gàjí ni olórí agbo ilé, òun ló ń parí ìjà ẹbí, òun ló ń dúró lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wọn, ibẹ̀ náà sì ni àkàsọ̀ oyè Olúbàdàn ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá rò pé owó la fi ń ra gbogbo oyè.

Ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta ni mo tọrọ. Ọjọ́rú fún ìrìn àjò, nítorí ọ̀nà Lọ́kọ́ja máa ń jẹ odindi ọjọ́. Ọjọ́bọ̀ fún ìwúyè. Ẹtì fún kíkí àwọn àgbà. Mo ní kí wọ́n yọ ọ́ nínú ìsinmi ọdún mi. Òfin Iṣẹ́ mọ ìsinmi ọdún, ó kéré tán ọjọ́ iṣẹ́ 6 fún òṣìṣẹ́ tó ti lo oṣù 12. Kò ya ọjọ́ kankan sọ́tọ̀ fún oyè, ẹ má tọrọ rẹ̀ bí ẹ̀tọ́. Mo so lẹ́tà ẹbí mọ́ ọn, mo sì dárúkọ ẹni tí yóò di iṣẹ́ mi mú.

Gbólóhùn tó kẹ́yìn rèé: "Bí ààfin bá sún ọjọ́ náà, mo bẹ̀bẹ̀ kí ọjọ́ mẹ́ta yìí sún tẹ̀lé e." Ààfin sún un lóòótọ́, láti Ọjọ́bọ̀ sí Ìṣẹ́gun tó tẹ̀lé e. N ò tún lẹ́tà kankan kọ.