Fífi aago sí ètò yìgì

"Ètò yìgì tí wọ́n kọ fún mi kún fún 'lẹ́yìn náà'. Báwo ni mo ṣe máa fi aago sí i?"

Ẹ kọ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sí ìlà tirẹ̀, pẹ̀lú iye ìṣẹ́jú àti ẹni tí yóò ṣe é. Ìrun ọ̀sán ni kò ṣeé sún síwájú ní Ìlọrin, nítorí náà, ẹ ka aago padà sẹ́yìn láti ibẹ̀. Bí wọn yóò bá kírun ní aago 1:00:

| Aago | Ìṣẹ́jú | Iṣẹ́ | Ẹni |
|---|---|---|---|
| 11:20 | 10 | Kíké Kùránì | Ọmọ kéwú |
| 11:30 | 30 | Wáàsí | Àfáà |
| 12:00 | 10 | Àlàfo | – |
| 12:10 | 40 | Yìgì | Ìmáàmù |
| 12:50 | 10 | Àdúà ìparí | Ìmáàmù |

Ẹ má ṣe yọ àlàfo yẹn, nítorí wáàsí ló sábà máa ń gùn ju bí a ti kọ ọ́ lọ. Bí ó bá kọjá 12:10, kí olùdarí ètò tètè fi ìwé kékeré ránṣẹ́ sí àfáà.