Bí A Ṣe Ń Mọ̀ Bóyá Wọ́n Pààrọ̀ Ohun tí Ìdánwò Oògùn Fẹ́ Wọ̀n

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Nọ́ọ̀sì ni mí ní Sùúrùlérè. Dókítà wa ní kí n ka ìròyìn ìdánwò oògùn kan. Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bóyá ohun tí wọ́n ní àwọn máa wọ̀n ní ìbẹ̀rẹ̀ náà ni wọ́n wọ̀n?

Ìdáhùn: Ẹ wá nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ nínú ìròyìn náà, èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú NCT wà lórí ClinicalTrials.gov, ìkànnì tí wọ́n ti ń forúkọ ìdánwò oògùn sílẹ̀. Ẹ má dúró lórí ojú ìwé tó bá kọ́kọ́ yọ, nítorí pé èyí tí wọ́n kọ kẹ́yìn ló máa ń wà níbẹ̀. Ẹ tẹ Record History, kí ẹ mú ẹ̀dà àkọ́kọ́ àti èyí tó kẹ́yìn kí àbájáde tó jáde, kí ẹ sì fi Primary Outcome Measures wọn wé ara wọn, ìyẹn òṣùwọ̀n pàtàkì tí ìdánwò náà fẹ́ wọ̀n. Ẹ ka Time Frame pẹ̀lú, ìyẹn ìgbà tí wọ́n máa wọ̀n ọ́n, nítorí pé ẹni tó sún ọjọ́ àyẹ̀wò síwájú ti pààrọ̀ òṣùwọ̀n, bí orúkọ rẹ̀ kò bá tilẹ̀ yí padà.

Ẹ fi NCT04280705 dán an wò, ìyẹn ìdánwò oògùn rẹmidẹ́sífíà fún àrùn kòrónà, tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 2020. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ipò tí aláìsàn wà ní ọjọ́ 15 ni wọ́n fẹ́ wò, láti orí ẹni tó ti kú títí dé orí ẹni tó ti padà sílé láìsí ìnira. Ní oṣù kẹrin, òṣùwọ̀n náà ti di iye ọjọ́ tí ara fi yá, títí dé ọjọ́ 29, kó tó di pé wọ́n kéde àbájáde ní ọjọ́ 29 oṣù náà gan-an.

Ẹni tó bá wo déètì nìkan yóò fura, ó sì yẹ kó fura. Ṣùgbọ́n ohun tó yẹ kí a béèrè ni ohun tí àwọn tó pààrọ̀ rẹ̀ ti mọ̀ nígbà náà. Ìròyìn wọn sọ pé ọjọ́ 22 oṣù kẹta ni àwọn oníṣirò dá a lábàá, nígbà tí aláìsàn 72 péré ti wọlé nínú èyí tó lé ní 1,000, tí àwọn oníṣirò náà kò sì mọ ẹni tó gba oògùn tòótọ́. Wọ́n tún kéde òṣùwọ̀n ti ọjọ́ 15 nínú àbájáde, wọn kò gbé e pamọ́. Ní tèmi, ìyípadà tó ṣe é gbà ni. Èyí tí mi ò lè gbà ni kí òṣùwọ̀n àkọ́kọ́ pòórá láìsí àlàyé kankan.

Ẹ tún fi déètì ẹ̀dà àkọ́kọ́ wé Study Start, ìyẹn ọjọ́ tí ìdánwò bẹ̀rẹ̀, nítorí pé wọ́n lè ti pààrọ̀ òṣùwọ̀n kí wọ́n tó forúkọ sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Yábàá mú ìròyìn kan wá tí ẹ̀dà rẹ̀ bára mu láti òkè dé ilẹ̀, àṣé oṣù mẹ́sàn-án lẹ́yìn tí aláìsàn àkọ́kọ́ wọlé ni wọ́n tó forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, ẹ béèrè ìwé ètò ìdánwò náà tó ní déètì lára.